Orí Kẹfà: Bí A Ṣe Ń Ṣàpèjúwe Ojú Kọnkéré fún Rẹ́ńdà

Bí a bá kọ “ògiri kọnkéré” nìkan sínú ìwé tí a fi ránṣẹ́ sí ẹni tó máa ṣe rẹ́ńdà, ohun tí a óò rí gbà padà ni ògiri aláwọ̀ eérú kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí a da àbàwọ́n díẹ̀ sí lára. Gbogbo ẹni tó bá rí i ni yóò mọ̀ pé inú kọ̀ǹpútà ni ògiri náà ti wá. Ẹ̀bi náà kì í sábà jẹ́ ti ẹni tó ṣe rẹ́ńdà. Àpèjúwe ni kò tó o lọ́wọ́. Nínú orí yìí, a óò kọ́ bí a ṣe ń ṣàpèjúwe irú ojú kọnkéré mẹ́ta: èyí tí àpá pákó wà lára rẹ̀, èyí tí a lọ̀ tó dán, àti èyí tí òkúta rẹ̀ hàn síta. A óò pẹ́ lórí ti àkọ́kọ́, nítorí òun ni àwòrán máa ń ṣì jù lọ.

6.1 Ohun tó kan kọnkéré gbẹ̀yìn

Kọnkéré kì í ní ojú tirẹ̀ láti ilẹ̀. Omi, sìmẹ́ńtì, yẹ̀pẹ̀ àti òkúta ni a pò pọ̀ tí a dà sínú fọ́ọ̀mù tí káfíńtà kàn. Ohun tó bá kan kọnkéré náà gbẹ̀yìn ló ń pinnu bí ojú rẹ̀ ṣe máa rí. Bí ó bá jẹ́ pákó ni, àpá pákó ni a óò rí. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó ní eyín dáyámọ́ńdì, ojú tó tẹ́ tó sì ń dán ni a óò rí. Bí ó bá jẹ́ omi àti búrọ́ọ̀ṣì tó fọ sìmẹ́ńtì òkè dànù kí ó tó le, orí òkúta ni yóò yọ síta.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́rin ni a gbọ́dọ̀ dáhùn kí a tó kọ àpèjúwe kankan. Kí ló kàn án gbẹ̀yìn? Báwo ni ohun tó ń wáyé léraléra lójú rẹ̀ ṣe tóbi tó, yálà ìbú pákó ni o, tàbí ìwọ̀n òkúta? Mílímítà mélòó ni ó fi yọ síta tàbí jìn wọlé? Báwo sì ni àwọ̀ àti dídán rẹ̀ ṣe ń yí padà láti ibì kan dé ibòmíràn? Ẹni tó bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti fún ayàwòrán ní ohun gbogbo tí ó nílò.

6.2 Kọnkéré alápàá pákó

Létí odò Tẹ́ḿsì ní Lọ́ńdọ̀nù ni ilé eré orílẹ̀-èdè Bìrìtìkó wà, èyí tí Denys Lasdun ya àwòrán rẹ̀ tí wọ́n sì ṣí ní 1976. Ẹni tó bá sún mọ́ ògiri ilé náà yóò rí ìlà igi, kókó igi àti ojú oríko pákó lára kọnkéré, bẹ́ẹ̀ kò sí igi kankan níbẹ̀ mọ́. Pákó tí a fi ayùn là tí a kò fá ni wọ́n fi ṣe fọ́ọ̀mù, kọnkéré sì gba àwòrán rẹ̀ sára bí ẹ̀kọ ṣe ń gba iṣan ewé tí a fi pọ́n ọn.

Ohun àkọ́kọ́ tí a gbọ́dọ̀ mọ̀ nìyí: òdìkejì pákó ni ojú kọnkéré. Ibi tí igi bá yọ, ibẹ̀ ni kọnkéré máa jìn. Ìlà igi tó le máa ń yọ díẹ̀ ju apá tó rọ̀ lọ, nítorí náà kòtò tín-ínrín ni ó ń di lára ògiri. Àlàfo tó wà láàrin pákó méjì ńkọ́? Omi sìmẹ́ńtì á wọ inú rẹ̀, á sì le síbẹ̀. Bí a bá tú fọ́ọ̀mù, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni yóò yọ síta ní ojú oríko, níbi tí pákó méjì ti pàdé. Ìyọsíta yìí lè tó mílímítà 2, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí káfíńtà kò bá kàn pákó náà kí wọ́n fún mọ́ra.

Ibí yìí ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ti ń wáyé. Ayàwòrán á mú fọ́tò pákó, á fi ṣe Bump, ojú oríko á wá jìn wọlé. Ohun tó yà kì í ṣe kọnkéré mọ́. Ògiri pákó tí a fi ọ̀dà eérú kùn ni. Nínú Blender, títan Invert lórí Bump ni ó ń yí i padà:

```python
bump = mat.node_tree.nodes["Bump"]
bump.invert = True
bump.inputs["Distance"].default_value = 0.001
```

Distance yìí jẹ́ mítà, nítorí náà 0.001 túmọ̀ sí mílímítà 1, ó sì tó fún ìlà igi.

Ohun kejì ni àwọ̀. Pákó tuntun tó gbẹ máa ń fa omi lára kọnkéré, ibi tí omi bá sì ti dín kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó, sìmẹ́ńtì ibẹ̀ á dúdú díẹ̀. Pákó tí a ti lò tẹ́lẹ̀ ti mu omi sìmẹ́ńtì yó, kì í fi bẹ́ẹ̀ fa omi mọ́, nítorí náà ojú tó mọ́lẹ̀ ju ti tuntun ni ó ń fi sílẹ̀. Nígbà tí káfíńtà bá pa pákó tuntun àti ti àtijọ́ pọ̀ nínú fọ́ọ̀mù kan, pákó kọ̀ọ̀kan yóò ní àwọ̀ tirẹ̀ lára ògiri. Ìdí nìyí tí ìyàtọ̀ àwọ̀ fi gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé pákó, kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ojú oríko kan kí ó sì parí ní èkejì. Àbàwọ́n bí ìkùukùu tó gba orí pákó mẹ́ta mẹ́rin kọjá láì bìkítà fún ojú oríko kò fi ibì kankan jọ èyí. Òjò ló lè fa irú rẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ti òjò sì máa ń ṣàn wálẹ̀ ni.

Ihò afẹ́fẹ́ tún wà. Bí a bá ń fi fáíbúrétọ̀ gbọn kọnkéré, afẹ́fẹ́ á máa gòkè, èyí tí kò bá rí ọ̀nà jáde á lẹ̀ mọ́ ojú fọ́ọ̀mù. Apá òkè ògiri ni ihò wọ̀nyí máa ń pọ̀ sí ju ìsàlẹ̀ lọ. Pákó tó ń fa omi kì í ní ihò tó bẹ́ẹ̀. Máríìnì bọ́ọ̀dù tó ń dán ló máa ń ní in jù. Bí rẹ́ńdà bá dá ihò sí ògiri alápàá pákó bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, oníṣẹ́ ilé á mọ̀ pé kò sí ẹni tó da kọnkéré yẹn.

6.3 Àpẹẹrẹ: ògiri kan l'Ékòó

Ẹ jẹ́ ká mú ògiri kan tó wà níta, tó dojú kọ gúúsù, l'Ékòó. Mítà 6 ni fífẹ̀ rẹ̀, mítà 3 ni gíga. Pákó onínṣì 12 ni káfíńtà rà. Ẹsẹ̀ bàtà 12 ni gígùn rẹ̀, ìyẹn mítà 3.66. Ó là á sí méjì ní gígùn, ìbú pákó kọ̀ọ̀kan wá di nǹkan bíi mílímítà 150. Ó tẹ́ wọn ní ìbú, ọ̀kan lórí èkejì.

Láti ibí, ìṣirò fúnra rẹ̀ ló ń sọ bí ògiri ṣe máa rí. Mítà 3 tí a pín sí mílímítà 150 jẹ́ ìlà pákó 20. Pákó kan kò lè gba gbogbo fífẹ̀ ògiri, nítorí náà pákó méjì ni yóò wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan mítà 3.6, èkejì mítà 2.4. Káfíńtà tó mọṣẹ́ á máa yí wọn padà ní ìlà dé ìlà, kí ojú ibi tí orí wọn ti pàdé má bàa tò léra wọn. Irin tó di fọ́ọ̀mù mú á fi ihò oníwọ̀n mílímítà 25 sílẹ̀. A gbé ihò náà sí àárín pákó, mílímítà 750 síra wọn ní ìbú, àti ìlà pákó mẹ́rin mẹ́rin ní òró. Ìyẹn jẹ́ ihò 8 ní ìbú, 5 ní òró, 40 lápapọ̀. Ihò tí ayàwòrán bá fọ́n ká bó ṣe wù ú kò lè di fọ́ọ̀mù kankan mú.

Ó kù kí a mọ èyí tó máa hàn nínú àwòrán. Bí àwòrán wa bá ní píkísẹ́lì 1920 ní ìbú, tí ògiri sì kún un, píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan gba 6000 ÷ 1920, ìyẹn mílímítà 3.1 lára ògiri. Ìlà igi kò tó mílímítà 1, kò sì ní hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú oríko tó yọ mílímítà 2 náà kò tó píkísẹ́lì kan. Àmọ́ kì í ṣe ojú oríko fúnra rẹ̀ ni ojú wa ń rí. Òjìji rẹ̀ ni. Báyìí ni a ṣe ń ṣírò gígùn òjìji:

```
òjìji = ìyọsíta ÷ tan(igun)
```

Igun yẹn ni igun tó wà láàrin ìtànṣán oòrùn àti ojú ògiri. L'Ékòó, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹta, oòrùn ọ̀sán gangan máa ń wà ní nǹkan bíi digíríì 80 sókè ní ìhà gúúsù. Ìtànṣán rẹ̀ ń ṣàn lójú ògiri wa láti òkè wá sísàlẹ̀ ní digíríì 10 péré. 2 ÷ tan(10°) jẹ́ mílímítà 11.3. Píkísẹ́lì mẹ́ta ààbọ̀ lé díẹ̀ nìyẹn: ìlà dúdú 19 ni yóò hàn gedegbe káàkiri ògiri, bí ojú oríko ṣe pọ̀ tó.

Ká ní Lọ́ńdọ̀nù ni ògiri kan náà wà. Oòrùn ọ̀sán ibẹ̀ kì í ga ju digíríì 62 lọ, àní lọ́jọ́ tó ga jù nínú ọdún. Igun tó wà láàrin rẹ̀ àti ògiri á jẹ́ 28, òjìji á sì jẹ́ mílímítà 3.8, díẹ̀ lé ní píkísẹ́lì kan. Bí oòrùn bá kọjú sí ògiri ní digíríì 60, òjìji kò ní ju mílímítà 1.2 lọ, ògiri á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ lójú ẹni. Lọ́jọ́ tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, kò ní sí òjìji rárá. Ìyàtọ̀ àwọ̀ láàrin pákó nìkan ni yóò kù láti fi hàn pé alápàá pákó ni.

Ẹ ṣàkíyèsí pé bí pákó bá dúró ní òró ni, oòrùn ọ̀sán yẹn á máa ṣàn bá ojú oríko lọ lóòró, kò sì ní rí òjìji jù. Àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn bá ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, ni irú ògiri bẹ́ẹ̀ máa ń hàn. Nítorí náà, bí a ṣe to pákó àti wákàtí tí a yàn jẹ́ ara àpèjúwe.

Ìṣirò yìí ló tún sọ ibi tí a óò fi nǹkan kọ̀ọ̀kan sí nínú Blender. Bump máa ń yí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe hàn lójú nǹkan padà, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ó ju òjìji. Nítorí náà, a óò fi ìlà igi sílẹ̀ fún Bump, ṣùgbọ́n a óò ya ojú oríko ní ti gidi, yálà pẹ̀lú Displacement tàbí kí a ya pákó 40 náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí a sì ti ọ̀kọ̀ọ̀kan síwá sẹ́yìn láàrin òdo sí mílímítà 2. Àwọ̀ nígbà náà ńkọ́? Base Color kọnkéré sìmẹ́ńtì lásán tí kò tíì dọ̀tí máa ń wà láàrin 0.30 sí 0.40. Bí a bá fẹ́ lo 0.35, `#A0A0A0` ni a ó tẹ̀ sí àpótí Hex. Àwọn tó ń tẹ funfun ibẹ̀ ga ju bẹ́ẹ̀ lọ ni ògiri wọn ń dà bí èyí tí a fi ẹfun kùn. Ká jẹ́ kí pákó kọ̀ọ̀kan fi bí ìdá mẹ́wàá dúdú tàbí mọ́lẹ̀ ju èyí lọ. Roughness á jẹ́ 0.9.

Àpèjúwe tí a óò fi ránṣẹ́ nìyí:

“Ògiri kọnkéré alápàá pákó, mítà 6 × 3, ó dojú kọ gúúsù, Èkó, ọ̀sán ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹta. Pákó tí a kò fá, ìbú 150 mm, a tẹ́ wọn ní ìbú, ìlà 20; ojú ìpàdé orí wọn kò tò léra. Ojú oríko yọ 2 mm síta. Ìlà igi jìn wọlé, kò tó 1 mm. Àwọ̀ eérú, ó ń yàtọ̀ láti pákó dé pákó, kì í yàtọ̀ nínú pákó kan ṣoṣo. Ihò irin 25 mm, 8 ní ìbú, 5 ní òró, ní àárín pákó. Ihò afẹ́fẹ́ díẹ̀, wọ́n pọ̀ sí òkè. Kò dán.”

6.4 Kọnkéré tí a lọ̀ tó dán

Ilẹ̀ ilé ni a sábà máa ń ṣe báyìí. Ẹ̀rọ tó ní eyín dáyámọ́ńdì ló ń lọ̀ ọ́, a ó bẹ̀rẹ̀ láti eyín líle bíi nọ́ńbà 30, a ó sì máa yí i padà sí 80, 150, 400, 800, títí dé 3000 bí oníbàárà bá fẹ́ kí ó dán bíi dígí. Láàrin iṣẹ́ náà ni a ń da oògùn kan sí i tó ń mú ojú rẹ̀ le.

Bí a bá ṣe lọ̀ ọ́ jìn tó ló ń sọ ohun tí a máa rí. Bí a bá kàn fọwọ́ bà á lókè, sìmẹ́ńtì lásán ni. Bí a bá lọ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 1.5, yẹ̀pẹ̀ á jáde bí èérún kéékèèké. Bí ó bá tó mílímítà 6, òkúta ńláńlá á hàn. Gbogbo òkúta yìí ni ẹ̀rọ ti gé ní pẹrẹsẹ, wọ́n sì bá sìmẹ́ńtì dọ́gba. Bí ayàwòrán bá fi Bump yọ wọ́n síta, ó ti ba ilẹ̀ náà jẹ́: àwọ̀ ni kí òkúta fi yàtọ̀, kì í ṣe gíga. Ìyàtọ̀ kejì ni dídán, nítorí òkúta líle bíi gíránáìtì máa ń dán ju sìmẹ́ńtì tó yí i ká lọ. Fún Roughness, a lè bẹ̀rẹ̀ láti 0.4 fún nọ́ńbà 400, 0.25 fún 800, àti 0.1 fún 3000, kí a sì dín ti òkúta kù díẹ̀ sí i.

Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tẹ́ bíi dígí. Ó máa ń ní ìgbì pẹ̀lẹ́ tí ojú kò lè rí, ṣùgbọ́n tó ń mú kí òjìji fèrèsé tó hàn lórí rẹ̀ wọ́ díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ fèrèsé bá tọ́ láìyẹ̀ nínú dídán ilẹ̀, àwòrán náà á di ti máàbù. Ìlà tí a fi ayùn là kí kọnkéré má bàa là fúnra rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà. Fún ilẹ̀ tó nípọn mílímítà 150, mítà 4.5 síra wọn dára. Ìbú ìlà náà kò ju mílímítà 3 tàbí 4.

Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ tẹ̀rásò tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ n'Íbàdàn àti l'Ékòó. Tẹ̀rásò jẹ́ ìpele ọ̀tọ̀ tí a dà lé orí kọnkéré, a sì ti ṣa òkúta rẹ̀ fún àwọ̀. Òkúta á kún ojú rẹ̀ dọ́gbadọ́gba. Nínú kọnkéré tí a lọ̀, òkúta tó bá wà níbẹ̀ ni a rí. Ibì kan á kún, ibòmíràn á ṣófo.

6.5 Kọnkéré tí òkúta rẹ̀ hàn síta

Níbí, a ń fi oògùn tó ń dá sìmẹ́ńtì dúró sí ojú kọnkéré tútù tàbí sí ara fọ́ọ̀mù. Irú ṣúgà wà lára ohun tí a fi ń ṣe é, nítorí ṣúgà kì í jẹ́ kí sìmẹ́ńtì tètè le. Bí inú kọnkéré bá ti le tí òkè rẹ̀ ṣì rọ̀, a ó fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì fọ òkè náà dànù. Kò yẹ kí òkúta yọ ju ìdá mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa já bọ́. Bí òkúta bá jẹ́ mílímítà 20, mílímítà 6 ni ìyọsíta tó pọ̀ jù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ rẹ́ńdà ń ṣì ni ibi tí orí òkúta dé. Wọ́n á fọ́n òkúta lé ojú ògiri bí ẹni tó da ẹ̀wà sílẹ̀, ọ̀kan á ga, ọ̀kan á kéré. Bẹ́ẹ̀, kí a tó fọ ojú yìí, fọ́ọ̀mù tàbí ohun ìfànà ti tẹ gbogbo òkúta dọ́gba. Orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ìpele kan náà. Kòtò tó wà láàrin wọn ni kò dọ́gba. Nínú Blender, bí a bá fi Voronoi Texture ṣe òkúta, a gbọ́dọ̀ gé orí gíga rẹ̀ kúrò kí gbogbo rẹ̀ dúró síbì kan, kí a sì lo Displacement, nítorí ìyọsíta mílímítà 6 á hàn ní etí ògiri. Òkúta lè ní Roughness 0.5, sìmẹ́ńtì àárín wọn 0.95. Àwọ̀ òkúta kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Òkúta odò máa ń ní pupa rúsúrúsú, funfun àti dúdú papọ̀.

Bí òkúta bá rí roboto, omi ló fọ̀ ọ́. Bí ojú rẹ̀ bá fọ́, tó ní igun mímú, òòlù ló kàn án gbẹ̀yìn, bíi ti ògiri ilé Barbican ní Lọ́ńdọ̀nù, tí Chamberlin, Powell àti Bon ya àwòrán rẹ̀, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti fi òòlù gé ojú kọnkéré lẹ́yìn tó ti le. Ayàwòrán tó fi òkúta roboto sí irú ògiri bẹ́ẹ̀ ti yí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà padà.

6.6 Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ògiri kan fẹ̀ mítà 4, ó ga mítà 2.4, ìbú pákó rẹ̀ jẹ́ mílímítà 100, a sì tò wọ́n ní òró. Ìlà pákó mélòó ló ní? Wákàtí wo ni ẹ máa yàn fún àwòrán rẹ̀ bí ó bá dojú kọ gúúsù, kí sì nìdí?

2. Ojú oríko yọ mílímítà 3, oòrùn sì bá ògiri pàdé ní digíríì 20. Ẹ ṣírò gígùn òjìji. Píkísẹ́lì mélòó ni yóò gbà bí àwòrán tó ní píkísẹ́lì 1920 bá fi mítà 8 hàn?

3. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé ládùúgbò yín, kí ẹ sì wá ojú kọnkéré kan tí a kò tíì rẹ́. Ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́rin inú 6.1 nípa rẹ̀ pẹ̀lú rúlà lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ àpèjúwe rẹ̀ bíi ti ìparí 6.3, kí ẹ fún ẹlòmíràn tí kò rí ògiri náà láti yà, kí ẹ sì fi àwòrán rẹ̀ wé ògiri gan-an. Ohun tó bá ṣì níbẹ̀ ni ẹ kò kọ sílẹ̀.